Ṣé 13 Pro nìyí lóòótọ́, àbí XR tí wọ́n wọ aṣọ fún? Ẹ bá mi wo àwòrán márùn-ún yìí

Àdùkẹ́_Bódìjà

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ ra áífóònù 13 Pro tòkunbọ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Ìkẹjà. Ìbàdàn ni mo wà, mi ò lè dé Èkó títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní ẹlòmíràn ti ń béèrè rẹ̀, pé kí n sanwó lónìí kó lè fi rán dẹ́rẹ́bà sí mi.

Àwòrán márùn-ún ló fi ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù, mo ti so wọ́n mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Àkọ́kọ́ ni àlẹ̀mọ́ ẹ̀yìn páálí: wọ́n kọ iPhone 13 Pro, Graphite, 128GB sí i, Model A2638, nọ́ńbà tó wà níwájú Part No. sì parí sí B/A. Èkejì ni àtẹ síìmù tí wọ́n fà yọ tí wọ́n gbé sórí àtẹ́lẹwọ́, nọ́ńbà tíntìntín wà lára rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀yìn fóònù, kámẹ́rà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ojú rẹ̀ nígbà tó tanná. Ìkarùn-ún ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún.

Mo ti gbé nọ́ńbà síríálì tó wà lára páálí lọ sí checkcoverage.apple.com, ó sì gbé iPhone 13 Pro jáde. Ṣé kí n sanwó? Oṣù mẹ́rin ni mo fi rán aṣọ kí owó yìí tó pé.

Ọmọ_Òṣogbo

Àǹtí, tí ìkànnì Apple fúnra rẹ̀ bá ti sọ pé 13 Pro ni, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ̀rọ wọn kì í purọ́. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ óò tún béèrè ni bóyá náílọ́ọ̀nù ṣì wà lára páálí. Tí náílọ́ọ̀nù bá wà níbẹ̀ tí kò ya, ojúlówó ni.

Táíwò_Alátùnṣe

Àdùkẹ́, kí a tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yọ àwòrán àkọ́kọ́ àti èkejì kúrò báyìí, kí ẹ fi nǹkan bo nọ́ńbà IMEI àti síríálì kí ẹ tó dá wọn padà. Àwọn tó ń tẹ àlẹ̀mọ́ ayédèrú, irú ibí yìí ni wọ́n ti ń ṣa nọ́ńbà ojúlówó kiri. Mo ti rí wọn kí ẹ tó bò wọ́n, ó tó mi lò.

Ẹ má sanwó. Mo rò pé XR nìyẹn, wọ́n sì ti yí ara rẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí mo rí hàn yín.

Àbúrò mi Ọmọ Òṣogbo, òótọ́ ni pé ìkànnì yẹn kì í purọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bi í nìkan ló dáhùn. Nọ́ńbà ara páálí ni Àdùkẹ́ tẹ̀ síbẹ̀, ó sì dáhùn pé páálí 13 Pro ni. Páálí ojúlówó wà lọ́jà lọ́tọ̀, wọ́n ń tà á lófìfo. Kò sí ẹni tó tíì bi fóònù fúnra rẹ̀ léèrè. Ní ti náílọ́ọ̀nù, láti orí 13 ni Apple ti dẹ́kun àtimáa fi náílọ́ọ̀nù wé páálí áífóònù. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń fà ya ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Tí mo bá rí páálí 13 Pro tí náílọ́ọ̀nù bò dáadáa, mo mọ̀ pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló wé e.

Ẹ padà sí àwòrán karùn-ún, kí ẹ fẹ̀ ẹ́ dáadáa. Bọ́tìnnì tí a fi ń tan fóònù wà lókè. Ẹ wá wo ìsàlẹ̀ rẹ̀: ilà gígùn kan wà níbẹ̀ tí igun rẹ̀ rí roboto, ihò kékeré kan sì wà ní orí rẹ̀, tí a ń ti abẹ́rẹ́ bọ̀. Àtẹ síìmù nìyẹn, ọwọ́ ọ̀tún ló wà. Láti orí áífóònù 12 ni Apple ti gbé àtẹ síìmù lọ sí ọwọ́ òsì, lábẹ́ bọ́tìnnì ohùn. XR, tó jáde ní 2018, ọwọ́ ọ̀tún ni tirẹ̀ wà. Ẹni tó ń yí fóònù padà lè fi ẹ̀yìn tuntun sí i, ó lè lẹ kámẹ́rà mẹ́ta mọ́ ọn, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ ni bọ́ọ̀dù XR, ọwọ́ ọ̀tún sì ni síìmù rẹ̀ ti ń wọlé. Ìdí nìyẹn tí ihò síìmù fi ń tú wọn fó.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Òkèòkun

Ẹ̀gbọ́n Táíwò, ẹ má bínú o, ẹ má tíì dá ẹ̀rù ba ọmọbìnrin yìí. Ìlú Houston ni mo wà, 13 Pro ni mo ń lò, ilé ìtajà gidi ni mo ti rà á, kò sí ẹni tó tú u rí. Ọwọ́ ọ̀tún tèmi náà ní ilà gígùn kan lábẹ́ bọ́tìnnì, igun rẹ̀ roboto bí ẹ ṣe sọ ọ́ gan-an. Ṣé XR ni tèmi náà ni?

Táíwò_Alátùnṣe

Inú mi dùn pé ẹ sọ ọ́, nítorí ó ti ṣi àwọn kan lọ́nà rí. Tiyín kì í ṣe XR. Ẹ gbé e sábẹ́ iná kí ẹ fi èékánná kàn án: ẹ kò ní rí ihò abẹ́rẹ́ kankan níbẹ̀, kò sì ní ṣí. Ojú fèrèsé eríà ni, fún 5G tó yára jù lọ tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà. Nínú áífóònù 12 àti 13, àwọn tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà nìkan ló ní in. Ẹ wọ inú Settings tiyín, ẹ óò rí A2483, èyí tó jẹ́ 13 Pro ti Amẹ́ríkà.

Ẹ wá wo bí èyí ṣe tún ń dá oníṣòwò yẹn lẹ́bi. Àlẹ̀mọ́ páálí Àdùkẹ́ sọ pé A2638, ó sì parí sí B/A. B/A ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, LL/A ni ti Amẹ́ríkà. 13 Pro ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní fèrèsé kankan lọ́wọ́ ọ̀tún, bọ́tìnnì nìkan ló wà níbẹ̀, gbogbo ìyókù ẹ̀gbẹ́ yẹn mọ́ lóló. Nítorí náà, yálà ihò síìmù ni ilà yẹn o, tàbí fèrèsé eríà, fóònù inú àwòrán yìí kọ́ ló bá páálí yẹn wá.

Bàbá_Ṣọlá

Ẹ ní kí ó fi síìmù MTN àti Glo sí i kí ẹ wò ó bóyá nẹ́tíwọọ̀kì yóò gbé e. Àwọn tòkunbọ̀ mìíràn wà tí wọ́n ti tì pa mọ́ nẹ́tíwọọ̀kì kan ṣoṣo lókè òkun. Èyí tí ọmọ mi rà lọ́dún tó kọjá, kò gba síìmù wa kankan.

Táíwò_Alátùnṣe

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ó yẹ kéèyàn béèrè ìyẹn náà, àmọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Síìmù lè ṣiṣẹ́ geere nínú XR tó ń pe ara rẹ̀ ní 13 Pro.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Òkèòkun

Mo ti wò ó, A2483 ni lóòótọ́, kò sì sí ihò. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀. Àmọ́ ṣé àwòrán kò lè yí òsì padà sí ọ̀tún? Kámẹ́rà iwájú máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Táíwò_Alátùnṣe

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tó dára nìyẹn. Ẹ̀rí tí a óò máa wò ni lẹ́tà: tí àwòrán bá yí padà, ohunkóhun tí wọ́n kọ síbẹ̀ yóò yí ojú padà bí ìgbà tí a bá ń kà á nínú dígí. Nínú àwòrán karùn-ún, ìwé ìròyìn ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ fóònù, ó sì ṣeé kà. Nítorí náà ọ̀tún ni ọ̀tún.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwòrán kẹrin náà, ojú fóònù. Lókè, níbi dúdú tó gé wọ inú ojú fóònù, mo rí ihò ohùn tí a ń gbé sétí láàárín gan-an, kámẹ́rà kékeré sì wà ní ọ̀tún rẹ̀. Bí XR ṣe rí nìyẹn. Ní 13 Pro, wọ́n ti sún ihò ohùn yẹn sókè pátápátá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan etí fóònù, kámẹ́rà sì ti bọ́ sí òsì. Ibi dúdú náà fúnra rẹ̀ kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá tún wo etí dúdú tó yí ojú fóònù ká, ti XR nípọn ju ti 13 Pro lọ, ẹni tó bá gbé méjèèjì síra wọn yóò rí i láìfẹ̀ ẹ́. XR ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe irú iṣẹ́ yìí, torí pé 6.1 ínṣì ni ojú òun àti 13 Pro jọ jẹ́, ara tuntun yẹn sì ń gbà á láìsí wàhálà.

Ẹ̀yìn ni mo fi ṣe ìkẹyìn, torí pé òun ni wọ́n máa ń ṣe dáadáa jù. Ẹ má fi kámẹ́rà mẹ́ta dá ẹjọ́. Dígí lásán ni méjì nínú rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Ìjẹ̀bú

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí ń bà mí lẹ́rù. Èmi ra Sáḿsúǹgì S23 Ultra fún ọmọ mi tó wọ yunifásítì. Lára páálí wọ́n kọ SM-S918B. Mo tẹ *#06#, nọ́ńbà tó jáde bá ti páálí mu láìku ẹyọ kan. Ṣé ọkàn mi lè balẹ̀? Nítorí fóònù náà ń lọ́ra, àwòrán alẹ́ rẹ̀ sì dà bí èyí tí wọ́n yà nínú kùrukùru.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìṣirò

Ẹ kú iṣẹ́, Mọ̀mí. Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi mọ̀ bóyá wọ́n kàn hùmọ̀ nọ́ńbà IMEI ni. Nọ́ńbà 15 ni, èyí tó gbẹ̀yìn kì í sì í ṣe àdábọwọ́. Ìṣirò 14 tó ṣáájú ló ń bí i. Ẹ fi nọ́ńbà tó wà ní ipò kejì, ìkẹrin, ìkẹfà, bẹ́ẹ̀ títí dé ìkẹrìnlá lọ́nà méjì. Tí èyí tó jáde bá ju 9 lọ, ẹ ro nọ́ńbà rẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí 14 di 1 àti 4, ìyẹn 5. Ẹ wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Iye tó kù kí ó tó pé mẹ́wàá-mẹ́wàá ni nọ́ńbà ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹ wo 490154203237518, èyí tí wọ́n máa ń fi kọ́ni:

```
4 9 0 1 5 4 2 0 3 2 3 7 5 1
4 9 0 2 5 8 2 0 3 4 3 5 5 2  = 52
60 - 52 = 8
```

8 ló jáde, 8 ló sì gbẹ̀yìn. Tí tiyín kò bá jáde bẹ́ẹ̀, ayédèrú ni.

Táíwò_Alátùnṣe

Ìṣirò rẹ pé, àbúrò. Àmọ́ ẹni tó hùmọ̀ nọ́ńbà láti inú orí rẹ̀ nìkan ló ń mú. Ẹni tó da nọ́ńbà kọ láti ara fóònù ojúlówó yóò kọjá níbẹ̀ láìfarapa. Ìdí tí mo fi ní kí Àdùkẹ́ bo àwòrán rẹ̀ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Pé nọ́ńbà páálí àti ti *#06# bára mu dára, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ayédèrú Sáḿsúǹgì máa ń kọ nọ́ńbà kan náà sínú fóònù àti sára páálí láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ tẹ *#0*# bí ìgbà tí ẹ fẹ́ pe ènìyàn. Sáḿsúǹgì gidi yóò ṣí ojú ìwé àyẹ̀wò kan tó ní àpótí kéékèèké, pupa, àwọ̀ ewé, búlúù àti àwọn yòókù. Ẹ sì fa péènì rẹ̀ yọ nísàlẹ̀ ní ọwọ́ òsì, kí ẹ fi kọ̀wé sójú fóònù nígbà tí fóònù tilẹ̀ sùn. Ẹ padà wá sọ fún wa.

Àdùkẹ́_Bódìjà

Ẹ kú àánú mi o. Mo ní kó fi àwòrán inú Settings ránṣẹ́. Ó ti fi ránṣẹ́: Settings > General > About ni, ohun tó wà lórí rẹ̀ sì ni Name: iPhone 13 Pro. Ní tòótọ́, ọkàn mi tún ti ń fà sí i. Ẹ̀yin gan-an ẹ wò ó.

Táíwò_Alátùnṣe

Àdùkẹ́, ẹ wo ibi tó gé e dé. Ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni. Name ni orúkọ tí ẹni tó ni fóònù sọ ọ́, bí èèyàn ṣe ń sọ ajá lórúkọ. Ẹ lè kọ "Ìyàwó Ọba" síbẹ̀ báyìí, yóò gbà á. Ìlà tí a ń wá ni Model Name, ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn iOS Version. Àti pé Model Number wà lábẹ́ ìyẹn. Tí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó yí padà sí A pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́rin. Kí ó tó yí padà, lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀: M ni èyí tí wọ́n tà ní tuntun, F ni èyí tí Apple tún ṣe, N ni èyí tí wọ́n fi pààrọ̀ fún oníbàárà.

Ẹ má gba àwòrán mọ́. Ẹ pè é lórí fídíò, kí ó má gé e, kí ẹ máa sọ fún un ohun tí yóò ṣe. Kí ó gbé páálí àti fóònù sójú kan. Kí ó tẹ *#06#, kí ẹ fi nọ́ńbà tó jáde bá ti páálí wé lójú ara yín. Kí ó wọ About kí ó yí i sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ó ṣí kámẹ́rà: 13 Pro gbọ́dọ̀ ní .5, 1x àti 3 ní ìsàlẹ̀ àwòrán. XR ní kámẹ́rà ẹyọ kan, kò ní .5. Tí ó bá ní bátìrì ti kú tàbí nẹ́tíwọọ̀kì kò dáa, ẹ ní ẹ óò dúró títí di ọ̀la.

Ọmọ_Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀kọ́ ni mo ń kọ́ o. Kí lẹ rí sí àtẹ síìmù inú àwòrán kejì? Nọ́ńbà wà lára rẹ̀ o.

Táíwò_Alátùnṣe

Nọ́ńbà tó wà lára àtẹ yẹn kì í ṣe ti páálí. Mo fi wọ́n wéra kí Àdùkẹ́ tó bò wọ́n: 35 ni méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀, láti ibi tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti pínyà. Ṣùgbọ́n mi ò gbára lé àtẹ. Ó ń sọnù, wọ́n ń tà á lọ́tọ̀, àtẹ tuntun tí wọ́n rà lọ́jà sì sábà máa ń ṣófo. Mo ti tún fóònù ojúlówó ṣe tí àtẹ rẹ̀ jẹ́ ti fóònù mìíràn. Èyí kàn kún ohun tí ihò síìmù ti sọ.

Àdùkẹ́_Bódìjà

Mo ti pè é. Lẹ́ẹ̀mejì ló kọ́kọ́ já a. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló gbé e, mo sì tẹ̀ lé ohun tí Ẹ̀gbọ́n Táíwò sọ. Nígbà tó ṣí kámẹ́rà, kò sí .5 níbẹ̀. Mo ní kó yí About sísàlẹ̀, ó ń yí i kíákíá, mo ní "ẹ dúró, ẹ padà sókè." Model Name: iPhone XR ni mo rí. Nọ́ńbà síríálì tó wà níbẹ̀ jẹ́ 12, nígbà tí ti páálí jẹ́ 10. Ara mi tutù.

Ó ní òun náà kò mọ̀, pé báyìí ni òun ṣe rà á lọ́wọ́ ẹni tó kó o wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó wá ní òun yóò dín owó rẹ̀ kù sí iye XR. Ṣé kí n gbà á? XR náà ṣì dára fún mi, mi ò ní nǹkan púpọ̀ tí mo fẹ́ fi fóònù ṣe ju kí n máa ya àwòrán aṣọ lọ.

Táíwò_Alátùnṣe

Síríálì 12 bá XR mu. Gbogbo 13 Pro tó ti kọjá lọ́wọ́ mi, 10 ni tiwọn.

Bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀, mi ò lè sọ. Ẹni tó fi Name nìkan ránṣẹ́ tó sì gé ìyókù, mo ní èrò tèmi. Ní ti ríra rẹ̀, èmi kò ní rà á. XR tí ẹnikẹ́ni kò tú rí lè fara da omi díẹ̀. Èyí ti pàdánù ìyẹn, torí wọ́n ti tú gbogbo inú rẹ̀ sínú ara mìíràn. Nígbà tí dígí ojú rẹ̀ bá fọ́, alátùnṣe yóò máa wá èyí tó bá ara yẹn mu kiri.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Òkèòkun

Ẹ̀gbọ́n, níbí n kò gbà pẹ̀lú yín tán. Tí iye XR ni yóò gbà, tí Face ID rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tí bátìrì rẹ̀ sì dára, kí ló burú? Ó mọ ohun tó ń rà báyìí.

Táíwò_Alátùnṣe

Ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ Àdùkẹ́ lọ́jọ́ iwájú kò ní mọ̀. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Àmọ́ owó rẹ̀ ni, òun ni yóò pinnu. Tí ẹ bá máa rà á, Àdùkẹ́, ẹ má gba páálí yẹn mọ́ ọn. Nọ́ńbà fóònù ẹlòmíràn ló wà lára rẹ̀, a kò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí fóònù náà.

Àdùkẹ́_Bódìjà

Mi ò rà á mọ́. Mo ti sọ fún un. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni n óò wọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà fúnra mi, ọwọ́ òsì ni n óò kọ́kọ́ wò.

Ìyá_Ìbejì_Ìjẹ̀bú

Mo ti tẹ *#0*# yẹn, kò ṣí nǹkan kan. Àmọ́ péènì rẹ̀ ń kọ̀wé nígbà tí fóònù sùn. Èwo ni kí n gbà gbọ́ báyìí?

Táíwò_Alátùnṣe

Mọ̀mí, méjèèjì kò bára mu. Nẹ́tíwọọ̀kì kan wà ní Amẹ́ríkà tó máa ń ti ojú ìwé yẹn pa, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, SM-S918U ló yẹ kó wà lára páálí, kì í ṣe SM-S918B. Ẹ wọ Settings > About phone, kí ẹ ka ohun tó wà níwájú Model number fún mi, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Títí dìgbà yẹn, ẹ tọ́jú rìsíìtì yín dáadáa.